Fèrèsé ni iná mi: bí mo ṣe ń fi fóònù ya fídíò gèlè wíwé

Gèlè wíwé ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn, fóònù kan náà tí mo fi ń pe oníbàárà ni mo fi ń ya gbogbo fídíò mi. Tí ẹnì kan bá bi mí pé kí lòun máa kọ́kọ́ rà, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé fóònù lé ni màá ní kó rà, kó sì fi ríǹgì láìtì sílẹ̀ ná. Ṣẹ́gò àti dámásíkì ń dán. Bí ẹ bá tan iná olóbìírípo sí wọn, òbìírípo funfun náà lẹ máa rí lórí aṣọ, ó sì tún máa ń hàn nínú awò ojú. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gba fèrèsé wọlé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í dúró de iná mọ̀nàmọ́ná.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo fèrèsé ló dáa ní gbogbo ìgbà. Fèrèsé méjì ló wà nínú yàrá tí mò ń lò n'Íbàdàn, ọ̀kan kọjú sí ìlà oòrùn, èkejì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Láàárọ̀, oòrùn máa ń gba ti ìlà oòrùn wọlé tààrà. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀, iwájú orí rẹ̀ á máa dán, irin ojú fèrèsé á fa ìlà dúdú sí i ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, òjìji abẹ́ imú rẹ̀ á sì le bí ohun tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé. Nítorí náà, fèrèsé ìwọ̀ oòrùn ni mo máa ń lò láàárọ̀, nígbà tí oòrùn ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́, mo ti kó àga mi lọ sí ti ìlà oòrùn. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọ̀run là ń wá, kì í ṣe oòrùn fúnra rẹ̀.

Ẹni tó bá ní fèrèsé kan ṣoṣo, tí oòrùn sì ń bà á, kó ta aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó. Funfun ni o, nítorí kọ́tìnì aláwọ̀ ewé máa kun ojú yín ní àwọ̀ ewé. Ẹ tún wo nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó wà lójú fèrèsé náà. Nẹ́ẹ̀tì tí wọn ò fọ̀ láti ìgbà ọyẹ́ máa ń gbé ìmọ́lẹ̀ mì gan-an, omi àti ọṣẹ ló sì máa tún un ṣe.

Ibi tí ọ̀rọ̀ gèlè ti yàtọ̀ sí fídíò mìíràn ni bí ẹ ṣe máa kọjú sí fèrèsé. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kò yẹ kéèyàn kẹ̀yìn sí i, torí ojú á ṣókùnkùn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi kọjú sí fèrèsé tààrà, ó ya fídíò ṣẹ́gò pupa kan, ó wá béèrè pé, "Àǹtí, kí ló dé tí gèlè mi rí pẹlẹbẹ báyìí? Mo ṣẹ́ ẹ léra dáadáa o." Lóòótọ́ ló ṣẹ́ ẹ léra dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ tó wá láti iwájú ló pa gbogbo òjìji tó wà láàárín ìṣẹ́po náà, bẹ́ẹ̀ òjìji yẹn gan-an ni ojú fi ń mọ̀ pé aṣọ léra. Mo ní kó yí àga rẹ̀ díẹ̀, kí fèrèsé wà láàárín iwájú àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó sì jìnnà sí i tó mítà kan. Mo ní kó mú etí gèlè tó ti ṣẹ́ dání níwájú ojú, kó máa yí ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan ti yọ kedere ló dúró sí. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kejì wá ṣókùnkùn jù. Aṣọ ìbùsùn funfun la fi kọ́ ẹ̀yìn àga kan, a gbé e sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣókùnkùn náà, níbi tí kámẹ́rà ò ti lè rí i, ìmọ́lẹ̀ sì ta padà sí i lójú.

Gílóòbù yàrá ńkọ́? Ẹ pa á. Àwọ̀ rẹ̀ àti ti ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán kì í dọ́gba, apá kan ojú á pọ́n, apá kejì á ṣe bíi búlúù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, iná ìjọba lọ́dọ̀ wa ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wa kì í rí i, ṣùgbọ́n tí gílóòbù náà ò bá jẹ́ ojúlówó, fóònù máa ń rí i, ẹ óò sì rí ìlà dúdú tí ń rá kọjá nínú fídíò.

Ohun tó kàn ni pé fóònù fẹ́ràn àtidá ṣe nǹkan. Bí ẹ bá gbé ọwọ́ àti aṣọ funfun sókè, á mú gbogbo àwòrán ṣókùnkùn. Ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀, á tún mú un mọ́lẹ̀. Lórí aifóònù, ẹ tẹ ojú ẹni tí ẹ ń yà mọ́lẹ̀ lórí gíláàsì títí AE/AF LOCK á fi jáde, ìyẹn ni pé fóònù ò ní dá yí ìmọ́lẹ̀ padà mọ́. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android, àmì àgádágodo ló máa ń yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fa àmì oòrùn kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wálẹ̀ títí ibi tó ń dán jù lára aṣọ kò fi ní jẹ́ funfun òfìfo mọ́. Ibi tó ṣókùnkùn díẹ̀ ṣeé gbé sókè nígbà tí ẹ bá ń tún fídíò ṣe, àmọ́ ibi tó ti funfun tán, kò sí aṣọ níbẹ̀ mọ́. Lásìkò òjò, tí ìkùukùu bá ń kọjá lemọ́lemọ́, mo máa ń dúró kí ìkùukùu bo ojú ọ̀run pátápátá kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta olówó pọ́ọ́kú náà ní àléébù tirẹ̀. Ọ̀pá àárín tí wọ́n ń fà sókè ló máa ń mì, torí náà ẹsẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fà gùn, kí ẹ sì fi ọ̀pá náà sílẹ̀. Ẹ kọ ẹsẹ̀ kan sí apá ibi tí kámẹ́rà ń wò, kó má baà ṣubú síwájú, kí ẹ sì so ike omi mọ́ àárín rẹ̀. Ẹ̀yìn fóònù ni kámẹ́rà tó dáa wà. Nítorí ẹ ò ní lè rí ara yín, ẹ gbé dígí sí ọ̀kánkán ojú fóònù, kó kọjú sí yín, ẹ óò máa rí ojú fóònù nínú rẹ̀. Kámẹ́rà wà ní déédéé iwájú orí, kó jìnnà tó mítà kan ààbọ̀. Ẹ fi àyè tó tó ìbú ọwọ́ méjì sílẹ̀ lókè orí kí ẹ tó wé nǹkan kan, torí gèlè á ga, bí kò bá sì sí àyè, ìdajì rẹ̀ á jáde kúrò nínú àwòrán.

Láti bí aago 5 ìrọ̀lẹ́ lọ, mo máa ń wo ibi dúdú inú fídíò. Bí èérún ìmọ́lẹ̀ kéékèèké bá ti ń fò níbẹ̀, fóònù ti ń tiraka nìyẹn, mo sì máa ń tú gèlè, mo á fi èyí tó kù sílẹ̀ di àárọ̀.