Kámẹ́rà tó dúdú yàtọ̀ sí kámẹ́rà tí kọ̀ǹpútà kò rí

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sídìí iṣẹ́ títún kọ̀ǹpútà ṣe, ìtìjú ara mi ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Kò tíì pé ọdún méjì tí mo dé ẹnu iṣẹ́ yìí nígbà tí olùkọ́ ìṣirò kan ránṣẹ́ pè mí. Orí fídíò ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kámẹ́rà méjì ló sì ń lò. Ọ̀kan kọjú sí i, èkejì wà lókè tábìlì tó ń wo ìwé tó ń kọ nǹkan sí. Ó ní èyí tó wà lókè tábìlì ti ṣú dùdù. Linux ló wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Mo gbìyànjú láti ṣí kámẹ́rà náà, ohun tó sì jáde sójú ẹ̀rọ nìyí:

```
VIDIOC_STREAMON: No space left on device
```

Mo kà á, mo ní ó ti yé mi: ààyè ti tán nínú dísíìkì. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í pa fáìlì rẹ́. Odidi wákàtí kan ni mo fi ń pa á, mo ń dá kọ̀ǹpútà dúró, mo ń tún un tàn, kámẹ́rà ò mira. Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ìgbà kankan tí mo wo iye ààyè tó kù kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ó ju ìdajì dísíìkì náà tó ṣófo. Màá padà sórí ohun tí gbólóhùn yẹn ń sọ, nítorí òun gan-an ló kọ́ mi ní iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó bá pè yín á kàn sọ pé kámẹ́rà òun ò ṣiṣẹ́ ni. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan títí tí ẹ ó fi mọ èwo nínú méjì ni. Ṣé kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé kámẹ́rà wà rárá ni, àbí ó mọ̀ ṣùgbọ́n àwòrán ni kò jáde? Lórí Windows, ẹ ṣí Device Manager, kí ẹ wo abẹ́ Cameras. Bí kò bá sí níbẹ̀, ẹ wo abẹ́ Imaging devices. Lórí Linux, àṣẹ méjì yìí tó:

```
lsusb
v4l2-ctl --list-devices
```

Bí orúkọ kámẹ́rà kò bá sí nínú ohun tí ẹ rí, kò sí ìṣètò kankan nínú áàpù ìpè fídíò tó lè mú un jáde. Àárín kámẹ́rà àti kọ̀ǹpútà lọ̀rọ̀ wà: wáyà, ihò USB, tàbí họ́ọ̀bù tí wọ́n fi sọ ihò kan di mẹ́rin. Ẹ yọ họ́ọ̀bù kúrò, ẹ ki wáyà bọ ihò ara kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì gbé kámẹ́rà náà dán wò lára kọ̀ǹpútà mìíràn. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà inú lápútọ́ọ̀pù ni, ẹ wo orí kíbọ́ọ̀dù bóyá bọ́tìnì kan wà tí wọ́n ya kámẹ́rà sí, tí wọ́n fa ìlà gba orí rẹ̀. Lára àwọn lápútọ́ọ̀pù kan, ńṣe ni bọ́tìnì yìí máa ń gé kámẹ́rà kúrò pátápátá, tí á fi pòórá nínú Device Manager bí ẹni pé wọn ò fi sí i láti ilé iṣẹ́. Áàpù Camera ti Windows á wá kọ `0xA00F4244`, ìyẹn ni pé òun kò rí kámẹ́rà kankan. Mo mọ ẹnì kan tó tún Windows fi sí i látìbẹ̀rẹ̀ nítorí bọ́tìnì yìí. Nígbà tó parí, kámẹ́rà ò tíì dé.

Bí orúkọ rẹ̀ bá wà ńkọ́? Ẹ fi díráíbà sílẹ̀ ná. Mo mọ̀ pé ọwọ́ á máa yún yín láti yọ ọ́ kí ẹ tún un fi sí i, torí ohun tí gbogbo ènìyàn máa ń sọ nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo iná kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kámẹ́rà. Lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà tó ní iná, ìgbà tí kámẹ́rà bá ń ya àwòrán gan-an ni iná yẹn máa ń tàn. Tí iná bá tàn tí àwòrán sì dúdú, ẹ wo ojú kámẹ́rà fúnra rẹ̀. Ìdérí kékeré tí wọ́n ń fi ìka tì sọ́tùn-ún sósì ló sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ẹ má fi ẹni tó ni ín ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ó ti ṣe èmi náà rí, níwájú ọ̀gá mi.

Tí iná kò bá wá tàn rárá, á jẹ́ pé kò sẹ́ni tó ní kí kámẹ́rà náà ṣiṣẹ́, tàbí pé wọ́n ní kó ṣe é, nǹkan kan sì kọ̀ fún un. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń wò níbí ni kámẹ́rà tí áàpù náà yàn. Bí ẹni náà bá ti fi OBS, áàpù tí wọ́n fi ń gba fídíò sílẹ̀, sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ rí, OBS Virtual Camera á wà nínú àwọn orúkọ tí áàpù ń tò sílẹ̀, ó sì lè jẹ́ òun ni áàpù dì mú, nígbà tí kámẹ́rà gidi jókòó jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo máa ń béèrè bóyá áàpù mìíràn ti gba kámẹ́rà mọ́wọ́. `0xA00F4243` ni Windows máa ń kọ fún ìyẹn, ẹ ó sì pa áàpù tó kù ni.

Ti ìyọ̀ǹda náà wà níbẹ̀, ó sì ní ẹ̀tàn kan nínú. Lórí Windows 11, inú Settings, lábẹ́ Privacy & security, ẹ ó rí Camera. Bọ́tìnì kan wà níbẹ̀ fún kámẹ́rà lápapọ̀, òmíràn wà fún àwọn áàpù tó wá láti Microsoft Store, ọ̀kan sì tún wà nísàlẹ̀ tí wọ́n kọ Let desktop apps access your camera sí. Abẹ́ èyí ìsàlẹ̀ yìí ni àwọn aṣàwákiri bíi Chrome wà. Ìdí nìyẹn tí áàpù Camera fi lè fi ojú yín hàn kedere, tí ìpè inú aṣàwákiri á sì kọ̀ jálẹ̀. Tí ẹ bá rí irú èyí, kámẹ́rà àti díráíbà ti yege nìyẹn. Bọ́tìnì ni kí ẹ wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ olùkọ́.

Nígbà tí pípa fáìlì rẹ́ sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo ní kí kọ̀ǹpútà to kámẹ́rà rẹ̀ sílẹ̀, àwọn méjèèjì sì wà níbẹ̀. Mẹ́rin ni mo rí dípò méjì, láti `/dev/video0` dé `/dev/video3`, èyí sì kọ́kọ́ rú mi lójú. Kámẹ́rà kan sábà máa ń ní orúkọ méjì báyìí lórí Linux: ọ̀kan fún àwòrán, èkejì fún ìsọfúnni nípa àwòrán náà. Tí ẹ bá ṣí èkejì, kò ní fún yín ní àwòrán kankan, kì í sì í ṣe pé ó bàjẹ́.

Iná kámẹ́rà orí tábìlì kò tàn. Mo ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa kámẹ́rà tó kọjú sí yín ná.” Ó pa á. Mo ṣí ti orí tábìlì, iná tàn, ìwé rẹ̀ hàn ketekete. A wá ṣí èyí tó kọjú sí i, òun náà ló wá dúdú lọ́tẹ̀ yìí. Ìgbà yẹn ni ojú mi là. Èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ń ríran, èyí tó bá ṣìkejì ló ń fọ́jú, èyíkéyìí tó wù kó jẹ́. Kò sí kámẹ́rà kankan tó bàjẹ́ níbẹ̀.

Mo tẹ `sudo dmesg | tail`, mo sì rí ọ̀rọ̀ náà: `Not enough bandwidth`. Ààyè tó tán kì í ṣe ti dísíìkì. Ààyè ojú ọ̀nà USB ni. Gbólóhùn kan náà ni Linux ń lò fún méjèèjì.

Báyìí ló ṣe rí. Ohun tí USB 2.0 lè gbé láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ni mẹ́gábíìtì 480, gbogbo ohun tó bá sì wà lára họ́ọ̀bù kan ló ń pín in. Nínú 480 yìí, ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn 384, ni òpin ohun tí àwọn ẹ̀rọ tó ń fẹ́ ààyè tí kì í yẹ̀, bíi kámẹ́rà, lè gbà. Kámẹ́rà kì í dúró wo bí àwòrán rẹ̀ ṣe tóbi tó. Ó máa ń gba àyè sílẹ̀ ṣáájú ni, bí ẹni tó gba gbogbo ìjókòó ẹ̀yìn ọkọ̀ tí òun nìkan sì jókòó síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ń béèrè fún èyí tó pọ̀ jù tí òfin USB gbà fún ọ̀nà kan: báìtì 3072 nígbà 8000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bíìtì mẹ́jọ ló wà nínú báìtì kan. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀, ó ń lọ sí nǹkan bíi mẹ́gábíìtì 197. Tí kámẹ́rà bá jẹ́ méjì, ó di 393. Ó fi díẹ̀ kọjá 384, díẹ̀ yẹn ló sì dí èkejì lọ́nà.

Mo dán an wò bóyá bí mo bá dín àwòrán méjèèjì kù sí 640 × 480 ó máa gbà. Kò gbà, nítorí iye tí kámẹ́rà ń gbà sílẹ̀ kò yí padà. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ dábàá pé òun á ra họ́ọ̀bù USB 3.0. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi owó rẹ̀ pamọ́. Kámẹ́rà tó jẹ́ ti USB 2.0 ṣì máa gba apá USB 2.0 inú họ́ọ̀bù náà kọjá ni, ọ̀nà náà kò sì fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ohun tó gbà á ni pé kí kámẹ́rà méjèèjì má gba ọ̀nà kan náà. Ẹ ṣọ́ra níbí, torí ihò méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lára kọ̀ǹpútà lè jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo nínú. Àṣẹ yìí ló ń fi hàn:

```
lsusb -t
```

Ìlà tó bá ní `Bus` nínú ni orí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan, àwọn ẹ̀rọ tó wà lórí rẹ̀ á sì tò sábẹ́ rẹ̀. Kámẹ́rà olùkọ́ méjèèjì wà lábẹ́ `Bus 01`, torí orí họ́ọ̀bù kan náà ló ki wọ́n sí. Mo yọ ti orí tábìlì, mo ki í bọ ihò iwájú kọ̀ǹpútà, mo tún tẹ àṣẹ náà. Ó ṣì wà lábẹ́ `Bus 01`. Mo gbé e lọ sí ihò ẹ̀yìn tó wà lápá òkè, ó bọ́ sábẹ́ `Bus 03`. A ṣí kámẹ́rà méjèèjì, iná méjèèjì tàn, ojú rẹ̀ hàn, ìwé rẹ̀ náà hàn. Mo fi bébà kékeré lẹ ihò ẹ̀yìn yẹn, mo kọ “kámẹ́rà tábìlì” sí i, kí ẹni tó bá gbá yàrá má baà dá a padà síbi tí mo ti yọ ọ́.

Ká ní kò sí ọ̀nà kejì nínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ ni, ìwọ̀nba ohun tí mo lè ṣe ni kí n ní kó máa pa ọ̀kan kó tó ṣí èkejì, tàbí kí n bá a wá káàdì USB mìíràn tí a lè fi sínú kọ̀ǹpútà náà. Lórí Windows, ẹ lè má rí gbólóhùn kankan tó dà bí ti Linux. Àwòrán dúdú lásán lè ni gbogbo ohun tí ẹ ó rí. Ẹ ṣáà pa méjèèjì, kí ẹ ṣí ọ̀kan, kí ẹ ṣí èkejì tẹ̀lé e, kí ẹ sì yí i padà. Bí ó bá jẹ́ pé èyí tí ẹ ṣí ṣìkejì ló ń fọ́jú nígbà gbogbo, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó gbọ́wọ́ lé.