Káàdì àjẹsára wà lọ́wọ́ wọn, èéyi sì mú wọn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ ìtọpinpin àjàkálẹ̀ àrùn, ẹ jẹ́ kí n sọ àṣìṣe tí mo ṣe lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Ìwé wa sọ pé ní ìjọba ìbílẹ̀ kan, 95 nínú 100 ọmọ ló ti gba abẹ́rẹ́ èéyi nígbà tí wọ́n pé oṣù mẹ́sàn-án. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé èéyi kò lè tàn kálẹ̀ níbẹ̀. R0 ni mo gbójú lé, ìyẹn iye ènìyàn tí aláìsàn kan máa kó àrùn ràn nílùú tí ẹnikẹ́ni kò ti ní àjẹsára. Ti èéyi máa ń wà láàárín 12 sí 18. Mo mú 15. Kí àrùn náà tó lè máa rọlẹ̀, nínú ẹni 15 tí aláìsàn kan ì bá kó o ràn, ó kéré tán 14 gbọ́dọ̀ ti ní ààbò:

```
1 - 1/R0 = 1 - 1/15 = 0.933
```

95 ju 93 lọ, ọkàn mi balẹ̀. Kò pẹ́ tí èéyi fi bẹ́ sílẹ̀.

Ọ̀gá wa obìnrin bi mí pé: "Ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ lo kà, àbí ọmọ tí abẹ́rẹ́ ṣiṣẹ́ lára rẹ̀?"

Ní oṣù mẹ́sàn-án, ààbò tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ lè má tíì tán lára rẹ̀, ó sì máa ń dí abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Nítorí náà, nínú 100 ọmọ tó gbà á lásìkò yẹn, nǹkan bí 85 ló ń ní ààbò. Nínú 95 tiwa, 81 péré nìyẹn. Nínú 100, 19 ṣẹ́ kù tí èéyi lè mú, aláìsàn kan á sì kó o ran 15 × 0.19, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹni mẹ́ta. Kódà bí gbogbo 100 bá gba abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan yìí, 15 ṣì máa ṣẹ́ kù, a ò sì ní dé 93 láé. Ìdí nìyí tí Nàìjíríà fi fi abẹ́rẹ́ kejì ti oṣù 15 kún un láti 2019. Ẹ̀ẹ̀mejì ń dáàbò bo nǹkan bí 97 nínú 100. Síbẹ̀, gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á tán kí ó tó tó.

Ẹ padà wo 19 yẹn. 14 nínú wọn ló ní káàdì. Àwọn ìyá rí i pé ọmọ tó gba abẹ́rẹ́ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń ṣàìsàn, wọ́n ní abẹ́rẹ́ náà kò wúlò. Èmi náà kò mọ èsì tí mo lè fún wọn nígbà náà. Èsì rẹ̀ ni pé ẹ má ṣe ka àwọn aláìsàn nìkan: 14 nínú 95 tó gbà á ni èéyi lè mú, ṣùgbọ́n 5 nínú 5 ni láàárín àwọn tí kò gbà á.

Ìṣirò yìí sì ka gbogbo ìlú sí agbada kan tí a ro pọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí. Nígbà tí a ya máàpù ibi tí àwọn ọmọ tí kò gba abẹ́rẹ́ rárá ń gbé, ọ̀pọ̀ wọn wà ní abúlé kan tó jìnnà sí ilé ìwòsàn. Láàárín àwọn yẹn, aláìsàn kan fẹ́rẹ̀ẹ́ lè kó o ran 15, ohun yòówù kí ìpíndọ́gba ìjọba ìbílẹ̀ náà jẹ́. Abúlé yẹn ni a kọ́kọ́ gbé abẹ́rẹ́ lọ.