Nọ́ńbà tó hàn kedere tí kò sì pé

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ní Àkúrẹ́, iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe jù ni kí ẹ máa yẹ ìtumọ̀ tí ẹ̀rọ ṣe wò kó tó dé ọwọ́ àgbẹ̀. Àgbẹ̀ á ya fọ́tò lébẹ́ẹ̀lì oògùn kòkó, á fi ránṣẹ́, ẹ̀rọ á ka lẹ́tà tó wà lára rẹ̀, á sì sọ ọ́ di Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ìgbà ló máa ń ṣe é dáadáa. Ibi tí èmi ti ṣàṣìṣe ni mo fẹ́ sọ fún yín, torí pé àṣìṣe náà kò pariwo rárá.

Lọ́jọ́ kan nígbà òjò, bàbá kan láti ọ̀nà Ìdànrè ra oògùn ní Ọjà Ọba, fún àrùn tó máa ń mú èso kòkó dúdú kó sì jẹrà. Inú ọ̀rá tó ń dán ni oògùn náà wà. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú ìsọ̀, nínú oòrùn ọ̀sán, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n sì fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ìtumọ̀ tó jáde dùn-ún kà. Ó ní kí wọ́n po oògùn náà mọ́ omi lítà 15. Ó ní tí wọ́n bá fọ́n ọn tán, kí wọ́n dúró fún ọjọ́ 2 kí wọ́n tó ká kòkó. Mo kà á, gbogbo gbólóhùn ló tọ́, mo bá fi ránṣẹ́.

Kò pẹ́ tí bàbá fi pè mí. "Ọmọ mi, o ṣeun. Ṣùgbọ́n èyí tí mo rà lọ́dún tó kọjá, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n ní kí n dúró. Ṣé wọ́n ti yí oògùn yìí padà ni?"

Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má tíì fọ́n nǹkan kan. Mo ṣí fọ́tò náà padà. 2 ló wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó dúdú, ó mọ́, kò sí ẹni tó máa kà á sí nǹkan míì. Àmọ́ etí ọ̀tún fọ́tò gan-an ló wà. Ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí "ọjọ́" ti bọ́ sí ìlà ìsàlẹ̀, torí náà kò sí ohun tó jọ pé ó já. Nígbà tí bàbá tún un yà, 21 ló wà lára ọ̀rá. Fọ́tò àkọ́kọ́ ti gé 1 dànù.

Mo wá lọ wo ohun tí ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà kọ sílẹ̀. Tesseract là ń lò nígbà náà. Tí ẹ bá ní kó gbé èsì rẹ̀ jáde báyìí:

```
tesseract oogun.jpg esi tsv
```

á kọ ibi tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú fọ́tò, á sì kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dá a lójú tó, láti 0 dé 100, sábẹ́ `conf`. Ìlà tó kan nọ́ńbà wa nìyí, mo ti yọ àwọn òpó yòókù:

```
left   top   width   height   conf   text
1181   642   17      26       95     2
```

Márùn-úndínlọ́gọ́rùn-ún! Èmi tí mo ti gbójú lé máàkì yẹn pé òun ló máa kìlọ̀ fún mi. Kò lè kìlọ̀. Ohun tó ń wọ̀n ni bí lẹ́tà tí ẹ̀rọ rí ṣe bá lẹ́tà tó mọ̀ mu. Kò mọ nǹkan kan nípa lẹ́tà tí kò sí nínú fọ́tò. Ẹ ro 1181 pọ̀ mọ́ 17, ẹ máa rí 1198. Píksẹ́lì 1200 ni fọ́tò náà fẹ̀. Kò sí àyè tí nọ́ńbà míì ì bá fi hàn níbẹ̀ tó bá tiẹ̀ wà. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wo àlàfo tó wà láàárín nọ́ńbà àti etí fọ́tò: tí àlàfo yẹn kò bá gba lẹ́tà kan, ìtumọ̀ gbọ́dọ̀ sọ pé nọ́ńbà yìí lè má pé, ì báà jẹ́ 99 ni `conf` fún un.

Inú fọ́tò yẹn kan náà ni mo ti rí ìkejì, tó tún dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ padà lọ wo ìtumọ̀ tí mo fi ránṣẹ́: kí wọ́n po oògùn mọ́ omi lítà 15. Oògùn tó pọ̀ tó báwo? Kò sọ, èmi náà kò sì béèrè. Oòrùn ló tàn padà lára ọ̀rá, ó sì bo gíráàmù 50 tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kò kọ ọ́ pé òun kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀. Ńṣe ló fò ó, tí ìtumọ̀ sì so ọ̀rọ̀ tó ṣáájú mọ́ èyí tó tẹ̀lé e, tí gbólóhùn náà fi dọ́gba. Èyí tó bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé ihò tí ìmọ́lẹ̀ dá kì í ní máàkì kankan, ì báà kéré, torí kò ní ìlà tirẹ̀ nínú èsì.

Bí ẹ ṣe máa dá a mọ̀ ni kí ẹ wo àwọ̀ ibẹ̀. Bébà funfun kì í funfun dọ́gba nínú fọ́tò, nọ́ńbà píksẹ́lì rẹ̀ máa ń lọ sókè-sódò díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti fọ́ ojú kámẹ́rà máa ń jẹ́ 255 nínú pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, gbogbo rẹ̀ á sì rí bákan náà pẹrẹsẹ. Tí irú ojú ibẹ̀ bá bọ́ sórí ìlà ọ̀rọ̀, tí àlàfo ọ̀rọ̀ méjì níbẹ̀ sì fẹ̀ ju àwọn yòókù lọ fíìfíì, nǹkan kan sọnù nìyẹn.

Fọ́tò tí píksẹ́lì rẹ̀ kéré kì í sábà tan èèyàn jẹ tó bẹ́ẹ̀, torí `conf` máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Àmì kan ṣoṣo ni kí ẹ máa ṣọ́: ààmì kékeré tó wà láàárín 2.5. Tí gíga nọ́ńbà kò bá ju píksẹ́lì mẹ́wàá lọ, ó lè parẹ́ kó ku 25. Fífẹ fọ́tò náà kò lè mú un padà wá. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀, nítorí náà ẹ ní kí àgbẹ̀ fi í ránṣẹ́ bíi fáìlì.

Ẹ má wá torí èyí kọ "kò dá mi lójú" sí gbogbo ìlà. Àgbẹ̀ tó bá rí i lẹ́ẹ̀mẹwàá kò ní kà á mọ́. Tí ìmọ́lẹ̀ bá bo lẹ́tà méjì nínú ibi tó ní kí wọ́n gbé oògùn jìnnà sí ọmọdé, ọ̀rọ̀ tó kù á gbé e padà, ẹ túmọ̀ rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà kò ní aládùúgbò tó lè bá a gbé ara rẹ̀ padà. Orúkọ oògùn náà kò ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni "má ṣe": tó bá bọ́ sábẹ́ ìmọ́lẹ̀, èèwọ̀ á di àṣẹ.

Ojú ibi tí àléébù náà wà ni kí ẹ kọ ọ́ sí. Tẹ́lẹ̀, òkè pátápátá la máa ń kọ "fọ́tò yìí kò mọ́ dáadáa" sí, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni. Bí mo ṣe tún ti bàbá kọ nìyí:

"Ẹ po oògùn (ìmọ́lẹ̀ bo ìwọ̀n rẹ̀, mi ò rí i kà) mọ́ omi lítà 15. Iye ọjọ́ tí ẹ máa dúró kí ẹ tó ká kòkó kò wọlé tán sínú fọ́tò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀rá náà sábẹ́ ibòji, ẹ tún un yà kí etí rẹ̀ méjèèjì hàn."

Ẹ ṣàkíyèsí pé mi ò kọ 2 síbẹ̀. Mo ti kọ́kọ́ kọ "2 ni mo rí, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ", mo sì pa á rẹ́. Ẹni tó ń kánjú á gbé nọ́ńbà lọ, á fi ìkìlọ̀ sílẹ̀.

Bàbá gbé ọ̀rá náà sábẹ́ igi, wọ́n ya á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n sì ka gíráàmù 50 àti ọjọ́ 21 fún mi lórí fóònù kí fọ́tò tó wọlé.