Méjìlá nínú Mẹ́rìnlá, àbí Méjìlá nínú Ogójì?

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń ṣe ìdánwò ìṣirò owó ACCA, ilé tùtóríà tí ẹ máa sanwó sí ni ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi jù. Mi ò ní dárúkọ ilé kankan. Màá kàn sọ bí mo ṣe fi ilé méjì wé ara wọn lórí PM, ìyẹn bébà Performance Management, ọ̀kan ní Surùlérè, èkejì ní Ìkẹjà. Nígbà tí mo ti fìdí rẹmi tán ni mo tó ṣe é o.

Surùlérè gbé e sára pátákó pé 86 nínú ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ àwọn ló ń yege. Ìkẹjà ní 59 ni tàwọn. Ta ni kò ní gba Surùlérè lọ? Ibẹ̀ ni mo sanwó sí, mo sì gba 43 nínú ìdánwò tí wọ́n ti ń béèrè 50.

Ìgbà yẹn ni mo wá jókòó ka orí wa. Ogójì ni wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ó dá mi lójú nítorí èmi ni mo ń gba owó fọ́tò-kọ́pì. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹfà, a ti ku mẹ́rìnlélógún. Wọ́n ṣe mọ́ọ̀kì, ìyẹn ìdánwò ìgbáradì, fún wa, mẹ́rìnlá péré ló ṣe dáadáa níbẹ̀. Àwọn mẹ́rìnlá yìí nìkan ni wọ́n kọ orúkọ wọn sílẹ̀ bí akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn rán lọ síbi ìdánwò. Wọ́n ní kí àwa mẹ́wàá yòókù sún tiwa síwájú. Mẹ́rin nínú wa ò gbà, a lọ ṣe é, gbogbo wa la sì fìdí rẹmi. Nínú àwọn mẹ́rìnlá, méjìlá yege.

Méjìlá nínú mẹ́rìnlá, 86 náà nìyẹn. Wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó wọ gbọ̀ngàn ìdánwò lóòótọ́ jẹ́ méjìdínlógún, èyí sọ ọ́ di 67. Tí a bá sì fi ogójì tó sanwó pín in, 30 ni.

Mo lọ bá akọ̀wé Ìkẹjà, mo bi í pé èèyàn mélòó ló sanwó PM lọ́dọ̀ yín nísàá tó kọjá, mélòó ló ṣe ìdánwò, mélòó ló yege. Ó ṣí ìwé, ó ní ọgbọ̀n, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mẹ́rìndínlógún. 59 tí wọ́n ń polówó jẹ́ ti àwọn tó ṣe ìdánwò; nínú gbogbo àwọn tó sanwó, 53 ni. Ẹ fi 53 yẹn síwájú 30.

Kí n má rẹ́ Surùlérè jẹ, kì í ṣe gbogbo ẹni tó kúrò ni ilé ẹ̀kọ́ lé. Iṣẹ́ gbé ẹlòmíràn lọ sí Àbújá, owó tán lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń béèrè nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí n kì í gba ìdá kan ṣoṣo lọ́wọ́ wọn. Mo sì máa ń béèrè ti ìdánwò mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó tẹ̀ léra, nítorí nínú kíláàsì èèyàn mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, bí èsì ẹni méjì péré bá yí padà, ìdá yẹn á gòkè tàbí wálẹ̀ ní nǹkan bíi 7. Sáà kan tó dára lè jẹ́ oríire.

Ohun tí 59 jẹ́ gan-an, ACCA fúnra wọn ló lè jẹ́ kí ẹ mọ̀ ọ́n. PM máa ń wáyé ní oṣù kẹta, ìkẹfà, ìkẹsàn-án àti ìkejìlá, tí èsì bá sì ti jáde, wọ́n máa ń gbé ìdá àwọn tó yege kárí ayé síta, bébà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. PM sábà máa ń wà ní bíi mẹ́rin nínú mẹ́wàá. LW, ìyẹn bébà òfin, máa ń tó bíi mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Nítorí náà, ilé tó bá sọ pé “75 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń yege lọ́dọ̀ wa” láìdárúkọ bébà lè jẹ́ pé LW ló pọ̀ jù lọ́wọ́ rẹ̀. Ti bébà tẹ́ ẹ fẹ́ ṣe ni kí ẹ béèrè.

Ti olùkọ́ ńkọ́? Ẹni tó kọ́ wa ní kíláàsì ọ̀fẹ́ ní Surùlérè dùn-ún gbọ́ bí ẹni ń pàlọ́. Lẹ́yìn tí a sanwó, ẹ̀ẹ̀mejì la tún rí i. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló kọ́ wa ní gbogbo ìyókù, ó sì mọ bébà náà, ṣùgbọ́n àwọn ìbéèrè tí wọ́n ti to ìdáhùn sílẹ̀ fún ọ láti mú ló ń ṣe pẹ̀lú wa ṣáá. Irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ló wà ní apá A àti B, tí àpapọ̀ wọn jẹ́ máàkì 60. Apá C jẹ́ ìbéèrè méjì, ogún máàkì lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wàá ti ṣe ìṣirò lórí ṣíìtì inú kọ̀ǹpútà, tí wàá sì ṣàlàyé ohun tí ìṣirò náà ń sọ nípa ilé iṣẹ́ tí wọ́n fún ọ. Apá C ni mo ti ṣubú. Orí bọ́ọ̀dù la ti ń ṣe é ní kíláàsì. Ọjọ́ ìdánwò ni mo kọ́kọ́ fọwọ́ kan ṣíìtì yẹn.

Torí náà ní Ìkẹjà, mo ní kí wọ́n fi tàìmù-tébù hàn mí kí n lè rí orúkọ ẹni tó ni kíláàsì, kì í ṣe ti ẹni tó wà lórí pátákó. Mo tún béèrè ẹni tó ń máàkì mọ́ọ̀kì apá C. Wọ́n ní olùkọ́ náà fúnra rẹ̀ ni, láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Mo ní kí wọ́n jẹ́ n rí èyí tó ti máàkì rí, kí wọ́n bo orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ náà. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kan pé: “O ti ṣírò ó, kí ló wá fà á?” Gbólóhùn yẹn ni mo fi mọ̀ pé ó mọ ohun tí wọ́n ń torí rẹ̀ fúnni ní máàkì.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. “Tó o bá fìdí rẹmi, gba owó rẹ padà” wà lára pátákó Surùlérè pẹ̀lú. Ìwé tí wọ́n fi há rìsíìtì ní kí èèyàn má pa ju ìdá 10 nínú kíláàsì jẹ. Ogún ni kíláàsì wa, mo pa mẹ́ta jẹ, ọ̀kan nínú rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ tí òjò dí Òjúẹlẹ́gbà pa. Ká tiẹ̀ ní mo pé, ẹni tí wọ́n rán lọ síbi ìdánwò nìkan ni àdéhùn náà dè. Ẹ rí i pé mọ́ọ̀kì kan náà tó gbé 86 ró ló tún ń ṣọ́ àpò wọn. Àwọn méjì tó ṣubú nínú mẹ́rìnlá náà kò rí owó gbà. Kíláàsì ọ̀fẹ́ ni wọ́n fún wọn. Owó ìdánwò tí a san fún ACCA kò sì sí nínú ọ̀rọ̀ náà rárá.

Ìkẹjà ò ṣèlérí kankan fún ẹni tó bá fìdí rẹmi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé tí o bá kúrò kí kíláàsì kejì tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n á dá gbogbo owó rẹ padà àfi ti fọ́ọ̀mù. Tí o bá kúrò kí ọ̀sẹ̀ kẹta tó parí, ìdajì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti wọlé. Lójú tèmi, èyí wúlò jù, torí kíláàsì kìíní ni èèyàn ti máa mọ̀ bóyá olùkọ́ orí tàìmù-tébù ló wá lóòótọ́. Òfin ààbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní ti 2018, náà sì gba oníbàárà láyè láti fagi lé ohun tó ti sanwó sílẹ̀ fún, kí olùtajà yọ ìwọ̀nba tó bójú mu níbẹ̀. Àjọ FCCPC ló ń bójú tó o.

Ẹnu lásán ni akọ̀wé náà fi sọ tiwọn fún mi. Mo kọ ọ́ sẹ́yìn rìsíìtì mi, mo ní kó fọwọ́ sí i, kó kọ déètì. Ó wò mí bí ẹni tó ń wá ẹjọ́, ó ní, “Bùrọ̀dá, ẹ ò tíì wọ kíláàsì, ẹ ti ń múra àtijáde.” Ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i.