Ímeèlì tó mú mi sunkún ní sítáàfù-rúùmù

Ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ka tèmi, torí ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí. Ọdún 11 ni mo ti ń kọ́ni ní báọ́lọ́jì n'Íbàdàn. Mo rí iṣẹ́ póròjẹ́ẹ̀tì kòdínétọ̀ ní ẹ̀njíò kan, mo bá kọ ímeèlì sí wọn pé mo fẹ́ràn àwọn ọmọ, mo ní sùúrù, mo máa ń ṣiṣẹ́ kára, tí wọ́n bá gbà mí màá tètè kọ́ iṣẹ́ náà. Ọjọ́ kẹta wọ́n fèsì. Ìlà méjì péré! Àwọn ò wá tíṣà, ẹni tó ti darí póròjẹ́ẹ̀tì rí làwọn ń wá. Ìwé àwọn ọmọ tí mò ń máàkì wà níwájú mi, mo ka ìlà méjì yẹn títí, omi ojú mi ń kán sórí ìwé ọmọ ọlọ́mọ, tíṣà tó jókòó tì mí ní ṣé ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ mí ni, mi ò lè dáhùn. Ohun tó dùn mí jù ni pé wọn ò parọ́ mọ́ mi, kò síbi tí mo ti sọ ohun tí mo darí nínú ímeèlì yẹn.

Bẹ́ẹ̀ mo ti darí ẹ̀ o! Ọdún mẹ́rin ni mo fi bójú tó rẹjísíréṣọ̀n Wáẹ́ẹ̀kì ilé ìwé wa. Lọ́dún tó kọjá ọmọ 186 ni: fọ́tò wọn, títẹ̀ka wọn, NIN wọn, sọ́bújẹ́ẹ̀tì wọn, owó wọn, àti máàkì ìdánwò kéékèèké tí tíṣà kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ mú wá kí wọ́n tó ti pọ́tàlì. Mo rí i pé orúkọ ọmọ 23 lórí NIN ò bá ti ìwé ìbí wọn mu, mo pe àwọn òbí wọn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, wọ́n lọ tún un ṣe. Kò sọ́mọ kankan tí rẹjísíréṣọ̀n ẹ̀ bọ́.

Ohun tí mo kọ sínú ímeèlì kejì, sí ẹ̀njíò mìíràn, nìyẹn: iye èèyàn, ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ parí, ohun tó fẹ́ bàjẹ́, ohun tí mo ṣe sí i. Mo gbé iṣẹ́ tí wọ́n kọ sínú ìpolówó wọn síwájú, mo ń fi ohun tí mo ti ṣe dáhùn ún níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní bójú tó owó, mo kọ bí mo ṣe ń fi rìsíìtì bá báǹkì ṣírò owó ìdánwò. Wọ́n ní ríròyìn fún àwọn tó ń fúnni lówó, mi ò ṣe é rí, mo sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò bu iṣẹ́ tíṣà kù o, ẹ má bínú sí mi, àmọ́ ẹ kọ iye èèyàn, ẹ kọ ọjọ́, ẹ kọ ohun tó fẹ́ bàjẹ́. "Mo fẹ́ràn ọmọ" ò sọ èyíkéyìí nínú ẹ̀.

Wọ́n pè mí fún intafíù, wọ́n sì gbà mí, ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo máa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ní intafíù náà ni ti ọmọ 23 yẹn.