Ẹ kọ iye tí ẹ ń retí sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan bùrẹ́ẹ̀tì

Ọdún kejì tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ ọjọ́ náà kò le rárá. Wọ́n fẹ́ kí a wá iye ásíìdì tó wà nínú fínẹ́gà, kí a máa kán NaOH, ìyẹn sódíọ̀mù háídírọ́síìdì, sí i díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pa agbára ásíìdì náà tán, tí àwọ̀ yóò sì yí padà. Wọ́n ti ní kí oníkálukú kọ ètò iṣẹ́ rẹ̀ wá: kí ni a fẹ́ wá, báwo la ṣe máa ṣe é, ewu wo ló wà níbẹ̀, èsì wo la sì ń retí. Mo jókòó kọ tèmi lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kò gbà mí ní ogún ìṣẹ́jú. Níbi tó yẹ kí n kọ èsì sí, mo kọ ọ́ pé "àwọ̀ yóò yí sí pínńkì." Níbi tó yẹ kí n kọ ewu sí, mo kọ ọ́ pé "kí a ṣọ́ra."

Nígbà tí a dé yàrá ìdánwò, mo fi pìpẹ́ẹ̀tì fa 25 mìlílítà fínẹ́gà sínú fúláàsì, mo kán èròjà atọ́ka tí wọ́n ń pè ní finọ́fítálíìnì sí i lẹ́ẹ̀mejì, mo sì ṣí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀ bùrẹ́ẹ̀tì, ọ̀pá gíláàsì gígùn tó ní àmì ìwọ̀n lára tí NaOH wà nínú rẹ̀. NaOH ń kán, mo ń mi fúláàsì. Àádọ́ta mìlílítà tó wà nínú bùrẹ́ẹ̀tì tán, omi inú fúláàsì ṣì funfun bíi ti tẹ́lẹ̀. Mo tún un kún. Ó tún tán. Ẹnìkejì mi ní ó jọ pé èròjà atọ́ka ló kéré, a tún kán mẹ́rin sí i. A kún un lẹ́ẹ̀kẹta. NaOH tí wọ́n fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 250 mìlílítà, a sì ti lo 150 nínú rẹ̀ láìrí nǹkan kan. Àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti parí ìwọ̀n kejì.

Ẹ̀gbọ́n tó ń bójú tó wa wá dúró lẹ́yìn mi. Kò wo fúláàsì, ìwé mi ló mú. Ó bi mí pé, "Mìlílítà mélòó lo ń retí?"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó máa di pínńkì ni."

Ó ní, "Mo gbọ́. Lórí mélòó?"

Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ó jókòó, ó fa pẹ́ńsù yọ, ó sì ṣe ìṣirò ìlà mẹ́ta sí etí ìwé mi. Ìlà mẹ́ta yẹn ni mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, nítorí láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ èsì kí n tó kọ ohunkóhun mìíràn nínú ètò mi.

Ara ìgò fínẹ́gà ni a ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ásíìdì inú rẹ̀ jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyẹn ni pé gíráàmù 5 wà nínú 100 mìlílítà, gíráàmù 50 sì wà nínú lítà kan. Móòlù ni ìwọ̀n tí a fi ń ka iye èròjà nínú kẹ́mísírì; móòlù kan ásíìdì inú fínẹ́gà, CH3COOH, wọn gíráàmù 60. Tí a bá fi 60 pín 50, a ó rí i pé lítà fínẹ́gà kan ní nǹkan bíi móòlù 0.83 nínú. NaOH tiwa jẹ́ móòlù 0.1 nínú lítà, móòlù kan rẹ̀ sì ni ó ń pa móòlù kan ásíìdì yìí:

```
CH3COOH + NaOH → CH3COONa + H2O
25 × 0.83 ÷ 0.1 ≈ 208 mL
```

Mìlílítà 208! Bùrẹ́ẹ̀tì wa kò gbà ju 50 lọ. Kò sí ohun tó ṣe èròjà atọ́ka, kò sì sí ohun tó ṣe NaOH. Fínẹ́gà tó ki jù ni mo lò. Nínú ìwé ìtọ́ni tí wọ́n fún wa, wọ́n ní kí a kọ́kọ́ bomi là á ní ìlọ́po mẹ́wàá: kí a fa 25 mìlílítà sínú fúláàsì oníwọ̀n tó gba 250, kí a fi omi dísítíìlì kún un dé ojú àmì, kí a sì dà á síwájú sẹ́yìn títí yóò fi pò dáadáa. Ojú ewé tó ṣáájú ni ìgbésẹ̀ yẹn wà. Ibi tí wọ́n kọ "ìgbésẹ̀ kìíní" sí ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà á kọ, mo sì fò ó láìmọ̀. Ká ní mo ti ṣe ìṣirò ìlà mẹ́ta yẹn lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ni, 208 ì bá ti là mí lójú kí n tó kúrò nílé.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn àbúrò pé "àwọ̀ yóò yí padà" kì í ṣe èsì. Ẹ kọ iye, kí ẹ sì kọ ààlà iye náà. Lẹ́yìn tí a bá ti bomi la fínẹ́gà yẹn, 25 mìlílítà rẹ̀ yóò gba nǹkan bíi 20.8 mìlílítà NaOH. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ sára ìgò lè má rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí náà mo máa ń ṣe ìṣirò náà fún 4 àti fún 6 pẹ̀lú. Ti 4 yóò jẹ́ 16.7, ti 6 yóò jẹ́ 25. Mo wá kọ ọ́ pé: "Mo ń retí láàárín 16 sí 26. Tó bá bọ́ síta, kí n dúró, kí n wo ohun tí mo ṣe."

Mo tún máa ń kọ ohun tí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan yóò fi hàn, kí n lè dá a mọ̀ tí mo bá rí i. Tí 50 bá tán láìsí àwọ̀, a jẹ́ pé mi ò bomi là á. Tí iye bá ń ga díẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, ó ṣeé ṣe kí omi tí mo fi fọ bùrẹ́ẹ̀tì ṣì kù nínú rẹ̀, kí ó sì ti la NaOH. Tàbí kí ó jẹ́ pé fínẹ́gà ni mo fi ṣan fúláàsì kóníkà tó yẹ kí n fi omi lásán ṣan, tí ásíìdì inú rẹ̀ fi pọ̀ ju èyí tí mo wọ̀n lọ. Tí àwọ̀ bá ti ń yí láti ìbẹ̀rẹ̀, tí ó sì parí kí n tó lo mìlílítà 7, mo ti ṣi ìgò mú, èròjà atọ́ka mìíràn tí wọ́n ń pè ní mẹ́táìlì ọ́rẹ́ǹjì ni mo kán sí i. pH ni iye tó ń ga bí ásíìdì ṣe ń dínkù nínú omi; láàárín pH 3.1 sí 4.4 ni àwọ̀ tiyẹn ń yí, bẹ́ẹ̀ sì ni ibi tí ásíìdì yìí ti tán lóòótọ́ ti kọjá 8. Finọ́fítálíìnì ló bá a mu, nítorí ó máa ń dúró dìgbà tí pH bá kọjá 8 kó tó di pínńkì.

Nígbà tí mo bá ti rí iye, ìlànà iṣẹ́ kì í ṣòro kọ mọ́. Ọ̀rọ̀ ara mi ni mo fi ń kọ ọ́, mi ò kì í dà á kọ láti inú ìwé, nítorí ẹni tó ń dà á kọ lè fo ìlà kan kó má mọ̀. Mo máa ń kọ ohun tí n ó fi ṣan ohun èlò kọ̀ọ̀kan. Mo ń kọ ọ́ pé kí n yọ fọ́nẹ́ẹ̀lì kúrò lórí bùrẹ́ẹ̀tì kí n tó ka iye, torí ẹ̀kán kan tó bá já bọ́ láti ara rẹ̀ ti ba ìwọ̀n jẹ́. Mo sì ń kọ ibi tí n ó dúró: pínńkì fẹ́ẹ́rẹ́ tó wà fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè parẹ́ fúnra rẹ̀, nítorí kábọ́nì dàí-ọ́síìdì inú afẹ́fẹ́ náà jẹ́ ásíìdì nínú omi. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa kán NaOH lé e lórí.

Ète kò gbà ju ìlà kan lọ: "láti mọ iye gíráàmù ásíìdì tó wà nínú 100 mìlílítà fínẹ́gà yìí." Tí ẹ bá kọ "láti kọ́ bí a ṣe ń lo bùrẹ́ẹ̀tì," ẹ ò ní mọ iye tí ẹ ń wá.

Ti ewu wá ńkọ́? Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, nígbà tí mò ń kún bùrẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kejì, ẹnu rẹ̀ ga ju orí mi lọ. Mo na ọwọ́ sókè, NaOH ta sílẹ̀, ẹ̀kán kan sì bọ́ sí ìpéǹpéjú mi. Awò ìdáàbòbò mi wà níwájú orí, kò sí lójú. Mo sáré lọ fi omi ṣan án, kò sì wọ inú ẹyinjú, mo dúpẹ́. "Kí a ṣọ́ra" tí mo kọ kò sọ fún mi pé ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. NaOH tó jẹ́ 0.1 kò ki púpọ̀, ó kàn lè ta ọwọ́ díẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ti ojú yàtọ̀. Ní báyìí, ìgbésẹ̀ ni mo ń so ewu mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ "kún bùrẹ́ẹ̀tì" mo ń kọ: "Sọ ọ́ kalẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀ ojú, awò lójú. Tó bá ta sójú, omi tó ń ṣàn fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí n sì ké sí olùkọ́." Lẹ́gbẹ̀ẹ́ "fa fínẹ́gà" mo ń kọ pé rọ́bà ni kí n fi fà á, kì í ṣe ẹnu. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ finọ́fítálíìnì mo ń kọ pé ọtí ẹ́tánọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀, kí n gbé e jìnnà sí iná.

Ohun kan kù tí mi ò gbọ́dọ̀ fi pamọ́. Iye tí ẹ ti kọ sílẹ̀ lè tàn yín. Lẹ́yìn ọdún kan, mo tún ṣe irú iṣẹ́ yìí pẹ̀lú ìgò mìíràn tí wọ́n kọ 5 sí. Mo ń retí 20.8, 18.30 ni mo rí. Ọwọ́ mi fẹ́ fi ẹ̀kán díẹ̀ kún un, mo ń sọ fún ara mi pé pínńkì yẹn kò tíì hàn tó. Mo fi ọwọ́ sílẹ̀. Mo fi báírò kọ 18.30, mo tún un ṣe, mo rí 18.35, mo tún un ṣe, mo rí 18.30. Gbogbo rẹ̀ wà láàárín 16 sí 26, kò sì sí àmì àṣìṣe kankan nínú àwọn tí mo ti kọ sílẹ̀. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ padà sẹ́yìn, gíráàmù 4.4 ló wà nínú 100 mìlílítà. Ohun tí mo kọ fún olùkọ́ nìyẹn, mo sì kọ 5 ti ara ìgò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.