Jẹ́nsinmi ti padà wálé: ẹ bá mi dúpẹ́

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi yọ̀. Jẹ́nsinmi, ọmọ ajá mi tí ẹ ti ń bèèrè láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, padà wálé lánàá, ó sì ti gé ìgbálẹ̀ mi jẹ. Ọlọ́run Ọba ni mo kọ́kọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọmọkùnrin tí ó ń gbé yàrá ẹ̀yìn, èyí tí ó ń kọ́ ìṣègùn ẹranko, tí gbogbo wa máa ń fi ṣe ẹlẹ́yà pé ajá ni yóò máa san owó oṣù fún un.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ajá kọ oúnjẹ, tí ó sì bi ìfófòó funfun. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti bì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ìgbẹ́ gbuuru sì ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn amòye àdúgbò dé. Ọ̀kan ní kí n fún un ní epo pupa, bóyá ó ti jẹ májèlé. Òmíràn ní ajá mọ koríko tí yóò jẹ kí ara rẹ̀ lè yá, kí n fi sílẹ̀ di ọ̀la. Mo rọ epo sí i lẹ́nu, ó bì í. Mo gbé omi síwájú rẹ̀, ó lá a tìwọra-tìwọra, ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò pé tí gbogbo rẹ̀ fi padà jáde. Ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí n ti gbé e dìde, nítorí ọmọ ajá tí omi kò dúró nínú rẹ̀ ti kọjá ohun tí à ń fi ẹnu fún ní ilé. N kò mọ̀. Mo jókòó tì í títí di alẹ́ Ọjọ́rú.

Nígbà tí ọmọ yìí ti ilé ìwé dé, kò tilẹ̀ sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó gbé ètè ajá sókè, ó ní, “Mọ́mì, ẹ fi ìka kan èrìgì rẹ̀.” Èrìgì tí ó yẹ kí ó tutù kí ó sì máa yọ̀ lẹ̀ mọ́ mi níka. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ó fi funfun, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń kà. Ó ka mẹ́rin kí pupa tó padà síbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ó ní kò yẹ kí ó ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Ó fa awọ èjìká rẹ̀ sókè, awọ náà dúró bí àgọ́, ó wá ń rọra wálẹ̀ bí ẹni tí ó ti rẹ̀. Ó kìlọ̀ fún mi pé kí n má gbẹ́kẹ̀ lé awọ nìkan, nítorí awọ ọmọ ajá tí ó sanra lè tètè padà síbẹ̀ nígbà tí omi ti ń tán lára rẹ̀. Mo wá rí i pé ojú rẹ̀ ti wọnú, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì tutù. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ ni ó tún yàgbẹ́, ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀, òórùn rẹ̀ kò sì jọ ti ìgbẹ́ lásán. Ọmọ náà ní, “Mọ́mì, a kò gbọdọ̀ sun èyí mọ́jú.” Òun ni ó gbé e lé àyà nínú ọkọ̀, tí ó ń pè é ní orúkọ títí a fi débẹ̀.

Ìgbẹ́ díẹ̀ ni dókítà fi ṣe àyẹ̀wò, ó sì ní páfò ni, kòkòrò tí ń bó inú ìfun ọmọ ajá. Ó gbé e sórí òṣùwọ̀n: kílógíráàmù mẹ́ta péré. Ó ní ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀ ni ó ti bá omi lọ, èyí tí í ṣe nǹkan bí 300 mìlílítà, kí a tó ka èyí tí yóò lò lóòjọ́ àti èyí tí ó ṣì ń bì. Iṣan ni wọ́n gbà fa omi náà sí i, wọ́n fi ṣúgà sí i nítorí ọmọ ajá tí kò jẹun lè dákú, wọ́n sì fún un ní oògùn tí ń dá èébì dúró àti èyí tí ń bá kòkòrò mìíràn jà kí ó má baà gba inú ìfun tí ó ti bó wọ ẹ̀jẹ̀. Ọjọ́ márùn-ún ni ó lò níbẹ̀.

N kò ní purọ́ fún yín, èmi náà jẹ̀bi. Abẹ́rẹ́ àjẹsára kan ṣoṣo ni ó ti gbà. Ìkejì ti kọjá ọjọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì, mo ń sọ pé owó oṣù ń bọ̀. Abẹ́rẹ́ kan kò tó, nítorí ààbò tí ọmọ ajá gbà lára ìyá rẹ̀ lè sọ ọ́ di asán. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin ni à ń fi sí àárín wọn títí ọmọ yóò fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́rìndínlógún. Ajá àgbà tí ó bì lẹ́ẹ̀kan tí ó sì ń ṣeré, ẹ lè máa wò ó di ọ̀la. Ọmọ ajá tí ń bì tí ó sì ń ṣu gbuuru, wákàtí ni ẹ ń kà.

Mo ti da omi Jíìkì, ìwọ̀n kan sí ọgbọ̀n omi, sí gbogbo ilẹ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì ṣe, ṣùgbọ́n kò sí ohun tí mo lè fi fọ iyẹ̀pẹ̀, kòkòrò yìí sì ń gbé inú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ní kí n fi í sílẹ̀ kí ó jẹ koríko, mo gbọ́ pé ẹ ti ra ọmọ ajá tiyín. Ẹ kú oríire. Ẹ má gbé e wá kí mi o.